Ìwé ọmọ ò gbọdọ̀ wọ àpótí

Ẹ̀yin òbí wa ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ọmọ tó ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba nígbà àkọ́kọ́, ẹrù rẹ̀ la máa ń bójú tó jù. Lójú tiwa, ibẹ̀ la ti ń ṣìṣe.

Ní Hítíróò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò lọmọ á kọ́kọ́ dé, kó tó rí àpótí rẹ̀ gbà. Ọmọ ìjọ wa kan kó ìwé sínú àpótí. Ìgbà tí wọ́n bi í léèrè, kò rí nǹkan kan fi hàn. Báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó ìwọ̀nyí sí o:

– páásípọ́ọ̀tù, ìwé físà, ìwé ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́
– ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ
– páwábáńkì, kò gbọdọ̀ wọ àpótí
– àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà ẹni tó máa pàdé rẹ̀, lórí bébà, torí síìmù wa lè má ṣiṣẹ́.

Ẹran gbígbẹ, ẹ fi sílé. Wọ́n á gbà á.

Bí kò bá sẹ́ni tó máa pàdé rẹ̀, ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì wà láàárín Tẹ́mínà 2 àti 3. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó máa gbéra ní wákàtí kan lẹ́yìn tí bàálù bá balẹ̀, ìlà páásípọ́ọ̀tù máa ń gùn. Wákàtí mẹ́ta ló dáa.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ tú báàgì yẹn wò pẹ̀lú ọmọ.