Pẹ̀lẹ́ ò ṣe é san owó ilé

Ẹ̀yin ará, lójú tèmi o, ẹni tí a jẹ lówó nílò ọjọ́ ju bó ṣe nílò ẹ̀bẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣe dókítà níbí ní Bìrìtìkó gbé iṣẹ́ fún màmá kan tó máa ń gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ jáde. Yunifásítì ló máa sanwó, owó sì pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun wo àtẹ̀jíṣẹ́ tóun fẹ́ fi ránṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé a ò tíì rí owó yín san. Ọ́fíìsì ló ń dá wa dúró. Ẹ fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun fún sùúrù yín."

Ọ̀rọ̀ náà tutù, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí màmá lè sọ fún onílé rẹ̀. "Ọjọ́ díẹ̀" kì í ṣe ọjọ́. Ìyẹn "ẹ ṣeun fún sùúrù" náà, ta ló sọ fún un pé wọ́n ti ṣe sùúrù?

Mo ní kó kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ìṣúná, kó béèrè nǹkan méjì: ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé owó náà, ọjọ́ wo ni wọ́n sì máa fowó ránṣẹ́? Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ sí i, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á sọ pé Ìṣẹ́gun lowó máa wọlé. Bacs ni wọ́n fi ń sanwó, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló sì ń gbà: tó bá lọ ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ ló máa wọlé. A wá fi ọjọ́ kan lé e, ó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tó máa kan àkáǹtì ni ká dá, kì í ṣe ọjọ́ tó máa kúrò lọ́wọ́ wa.

Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ó yẹ kí £480 yín ti wọlé ní 29 oṣù Karùn-ún. Kò wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orúkọ yín ni wọn ò tètè fi sínú ètò ìsanwó. Wọ́n ti fi sí i báyìí. Owó náà máa wà ní àkáǹtì yín kí ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Kẹfà, tó parí. Tí kò bá lọ ní Ìṣẹ́gun 16, èmi ni màá pè yín lọ́jọ́ náà gan-an."

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Ó gba iṣẹ́ bíbéèrè kúrò lọ́rùn màmá. Ẹ̀bẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí àwáwí gígùn.

Àwọn kan á ní dídá ọjọ́ léwu, tó bá yẹ̀ ńkọ́? Bó bá máa yẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́. Tẹ́ ò bá sì tíì mọ ọjọ́ owó, ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fún wọn lésì. Ẹ rántí pé láti 1998 ni òfin ti wà níbí tó jẹ́ kí oníṣẹ́ bí màmá yìí lè gba èlé lórí owó tó pẹ́, pẹ̀lú £40 lórí gbèsè tí kò tó £1,000. Ó lè má béèrè, torí ojú àánú. Ẹ má fi ojú àánú yẹn jẹ ẹ́ níyà.