Ẹ Má Sọ Ọgbà Ẹranko Di Ilé Ìran Lásán

Ẹ̀yìn ẹgbẹ́ tó ní kí ọgbà ẹranko gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àti ìbísí ẹranko tó ń run ni mo wà. Ìkìlọ̀ ni mo gbé wá o. Mo ń rí àwọn òbí tó ń mú ọmọ dé ẹ̀yìn irin. Ọmọ á ju bisikíìtì sí ọ̀bọ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kí ni ọmọ náà kọ́? Pé ẹranko wà fún ẹ̀rín.

Ẹ gbọ́ ti ọ́ríìsì ilẹ̀ Lárúbáwá. Ẹranko funfun ni, ó fara jọ ìgalà, ìwo rẹ̀ méjèèjì gùn gbọọrọ. Àwọn ọdẹ onímọ́tò yìnbọn pa á nínú aṣálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1962, àwọn kan lọ wá ìyókù. Mẹ́rin lọwọ́ wọn tẹ̀, ọ̀kan kú. Ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀kan kún un, Kùwétì mú ọ̀kan wá, ọba Saudi fún wọn ní mẹ́rin. Mẹ́sàn-án yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìbísí ní ọgbà ẹranko Fínísì, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1972, kò sí ọ̀kan mọ́ nínú aṣálẹ̀.

Ẹ má rò pé kí wọ́n kàn da akọ pọ̀ mọ́ abo ni. Mẹ́sàn-án kéré. Bí ẹ ò bá ṣọ́ra, láìpẹ́ ẹ̀gbọ́n á máa gun àbúrò, ọmọ wọn á sì máa kú ní kékeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ bàbá àti ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìran, tí ọgbà kan fi ń gba akọ lọ́wọ́ òmíràn. Ọgbà tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹran ọ̀sìn ló ń sìn.

Ní 1982, wọ́n tú ọ́ríìsì mẹ́wàá sílẹ̀ ní Ómánù, lẹ́yìn tí wọ́n ti há wọn mọ́ ọgbà kan níbẹ̀ kí wọ́n lè di agbo. Wọ́n fi àwọn ará Hárásísì, tí wọ́n bí sí aṣálẹ̀ náà, ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó fi máa di 1996, àwọn ọ́ríìsì náà ti lé ní 400.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Àwọn kan ń wọ aṣálẹ̀ lọ mú wọn láàyè, abo ni wọ́n sì ń lépa jù, kí wọ́n lè tà á fún olówó tó fẹ́ sìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ní 2007, nǹkan bí 65 ló kù. Ìjọba Ómánù gé ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ààbò wọn kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, Yunẹ́sìkò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àjogúnbá àgbáyé.

Ẹni tó ra ọ́ríìsì yẹn, ebi kọ́ ló ń pa á. Ìran ló fẹ́ máa wò! Ìbísí ṣiṣẹ́ o, ẹ̀kọ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tako wa, ẹ ní owó ẹnu ọ̀nà ló ń bọ́ ẹranko. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbà tó lè gba gbogbo ẹranko tán. Kí ọgbà kọ̀ọ̀kan mú ìwọ̀nba, kó sì kọ ìtàn wọn síwájú irin. Nígbà tí ẹ bá sanwó lọ́la, ẹ bi olùtọ́jú léèrè: ta ni bàbá ẹranko yìí, igbó wo ni ọmọ rẹ̀ máa padà sí, ta ló sì ń ṣọ́ igbó náà?