Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àpapọ̀ Àwa Tí Ń Ṣe Gààrí àti Àwa Tí Ń Yan Ẹja: Iṣẹ́ Ilé àti Ẹni Tó Ń Pàṣẹ Nínú Ìgbéyàwó

Àwa obìnrin tí ń ṣe gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń yan ẹja ní etí omi Ògùn Wọ́tàsáìdì, ṣe ìpàdé àpapọ̀. A pe àwọn ọkọ wa sí i, ọ̀pọ̀ wọn sì wá. Ọ̀rọ̀ tí a jókòó lé lórí ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ilé àti ẹni tó ń pàṣẹ nínú ilé. Ohun tí a rí àti ohun tí a fẹnu kò sí nìyí.

OHUN TÍ ÌPÀDÉ RÍ

1. Iṣẹ́ ilé ń ba ọjà wa jẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú fẹ́ kí ènìyàn jókòó tì í. A óò bó pákí, a óò fọ̀ ọ́, a óò lọ̀ ọ́, a óò sì dì í sínú àpò fún ọjọ́ 3 sí 5 kó lè kan. Lẹ́yìn náà la óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì yan án. Ẹni tó bá kúrò nídìí agbada, gààrí rẹ̀ á dì ní kókó tàbí kó jó.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Àgọ́-Ìwòyè ròyìn ọjọ́ tó ń yan gààrí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pọn omi, ó ti gbálẹ̀, ó ti wẹ ọmọ, ó sì ti se oúnjẹ àárọ̀. Ní ọ̀sán, ó pa iná, ó lọ sílé lọ se oúnjẹ fún ọkọ tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó padà, ọjọ́ ti lọ. Àpò kejì di ọjọ́ kejì, ó kan kọjá bó ti yẹ, alájàpá sì já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ọkọ kan dìde, ó ní òun lè se oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí òun bá wọ ilé ìdáná, wọn á ní ìyàwó ti fi oògùn mú òun. Ìpàdé gbà pé òótọ́ ni, àti pé àwọn ìyá ọkọ àti obìnrin àdúgbò ló sábà máa ń sọ ọ́.

2. Ẹni tó ń sanwó kì í sí níbi ìmọ̀ràn. Láti ọjọ́ aláyé, owó òwò obìnrin, tirẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ bá dínkù, owó yìí ló ń san owó iléèwé, a ó sì ní ọkọ ló san án, kí àṣírí rẹ̀ lè bò. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ra ilẹ̀, ọkọ àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló ń jókòó. Orúkọ ọkọ nìkan ló ń wà lórí rìsíìtì. Nínú àṣà wa, ọmọ ló ń jogún ilẹ̀ bàbá. Opó kì í jogún rẹ̀. Á ṣòro fún obìnrin tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé láti fi hàn pé owó òun wà níbẹ̀. Ọkọ pàápàá ń jìyà: ó ń yá owó èlé kí aráyé má baà mọ̀ pé kò rí owó oúnjẹ fi sílẹ̀.

3. Dídúró de àṣẹ ń pa ènìyàn. Ìwádìí ìlera tí Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè máa ń ṣe ń bi àwọn abilékọ léèrè pé ta ló ń pinnu ìtọ́jú ara wọn, ọjà ńlá tí wọ́n fẹ́ rà, àti lílọ kí ẹbí wọn. Lórí ìtọ́jú ara, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa láti etí omi dáhùn pé, "Bàbá ilé ni." Ṣùgbọ́n bàbá ilé lè wà lórí omi nídìí àwọ̀n, kí fóònù rẹ̀ má sì wọlé. Aláboyún tó bá bímọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lè kú láàárín wákàtí 2. Kí wọ́n tó rí ọkọ, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ ojú omi, àsìkò ti lọ.

OHUN TÍ ÌPÀDÉ FẸNU KÒ SÍ

1. Ní ọjọ́ tí ìyàwó bá ń yan gààrí tàbí ẹja, ọkọ ni yóò bójú tó oúnjẹ àti ọmọ. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni yóò jọ máa pọn omi, tí wọn yóò jọ máa fọ abọ́.

2. Ilẹ̀ tí tọkọtaya bá jọ san owó rẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò wà lórí rìsíìtì.

3. Kí oyún tó pé oṣù 7, ọkọ yóò sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ àti aládùúgbò kan pé ìyàwó òun kò ní láti dúró de òun kó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò fi owó ọkọ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ìyàwó, wọn yóò sì ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

A bẹ àwọn ìyá ọkọ kí wọ́n má fi ọkùnrin tó bá dáná ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. A sì rọ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo ilé ìwòsàn agbègbè wa: bí ẹ bá rí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ tó bèèrè ọkọ rẹ̀.

Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.