Ọ̀RỌ̀ ILÉ: ASẸ́ OMI ÀTI FÁÀFÙ RẸ̀ MẸ́TA

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Èkó ni ó ń lo omi kànga ẹ̀rọ, tí iyanrìn àti ìpẹtà sì ń bá omi wọlé. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń fi asẹ́ kan sí ojú páìpù ńlá, kí omi tó pín sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀.

Kí ẹ sọ fún oníṣẹ́ omi pé kí ó fi fáàfù mẹ́ta sí i. Èkínní wà níwájú asẹ́, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta sì wà lórí páìpù kúkúrú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ kọjá láì wọ inú rẹ̀. Lójoojúmọ́, èkínní àti èkejì a wà ní ṣíṣí, ẹ̀kẹta a sì wà ní títì. Nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ káátíríìjì inú asẹ́, a óò ṣí ẹ̀kẹta, a óò ti méjì ìyókù, a óò sì tẹ bọ́tìnnì orí asẹ́ kí ipá omi lè jáde, kí a tó tú u. Omi kì yóò dá nínú ilé, ṣùgbọ́n omi tí a kò sẹ́ ni. Bí a bá parí tí a kò ti ẹ̀kẹta padà, omi yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, asẹ́ yóò sì wà lásán.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé káátíríìjì ti kún? Kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí ó lè pọ́n kíákíá kí ó sì tún wúlò pẹ́. Ẹ fi géèjì kan síwájú asẹ́, òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí pọ́ǹpù ń ti omi rẹ̀. Nígbà tí káátíríìjì jẹ́ tuntun, géèjì iwájú fi páùn 40 hàn, ti ẹ̀yìn fi 38 hàn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iwájú ṣì wà ní 40, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti di 28. Ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ 2 ti di 12. Bí ó bá ti kọjá 10, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹ̀rọ omi méjì sílẹ̀ kí ẹ tó wo géèjì. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, géèjì méjèèjì yóò dọ́gba, ìbáà ṣe pé káátíríìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ilé tí kò ní pọ́ǹpù, tí táǹkì rẹ̀ ga ní mítà 5 péré sí ẹ̀rọ omi, kò ní ju páùn 7 lọ. Kò lè dúró de 10. Kí wọn ka ìṣẹ́jú: garawa tí ó ń kún ní ìṣẹ́jú 1, bí ó bá di ìṣẹ́jú 2, ìgbà ìpààrọ̀ ti dé.

Asẹ́ yìí kì í pa kòkòrò àrùn. Omi mímu, sísè ni kí a máa sè é.