Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ná

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn òbí ní Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká, pàápàá lásìkò tí àwọn ọmọ ń gba fọ́ọ̀mù Jáǹbù. Ọkùnrin kan tí àwọn èèyàn ń fetí sí ló sọ ọ́, àwọn mìíràn sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni gba òwe: pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kíkó ìgbẹ́ aláìsàn ni; pé iṣẹ́ agbẹ̀bí, ti àwọn ìyá àgbà ni; pé ọmọ tó bá gbọ́n, kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ, kó jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù, kó máa gun jíìpù àjọ òkè òkun. N kò gbà fún un. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìlera jẹun, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lẹ́yìn odi, digirí nọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ gbà. Kó fi iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń fà sí ìlera àwùjọ, kó kà á ṣe digirí kejì. Ẹni tó bá dorí ètò yìí kodò ń fi owó ìyá tó ń ta epo àti púpurú ṣòfò.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ kan níyì ju èkejì lọ ni mò ń wí. Ìwé-àṣẹ ni mò ń sọ. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Òun ló ń ṣe ìdánwò àṣejáde, òun ló ń kọ orúkọ sínú ìwé, òun ló sì ń fúnni ní àṣẹ láti fọwọ́ kan aláìsàn. Ọdún márùn-ún ni ọmọ tó wọ yunifásítì fún nọ́ọ̀sì máa lò. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, á ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àgbà, ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ní yàrá ìgbẹ̀bí, lọ́dọ̀ àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ṣáká, títí dé àárín ìlú. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí ló ń ṣílẹ̀kùn ìdánwò nọ́ọ̀sì, ti agbẹ̀bí àti ti nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ fún un. Ẹni tó gba digirí ìlera àwùjọ lo ọdún mẹ́rin, ó sì mọ nǹkan tó wúlò: bí àrùn ṣe ń tàn, bí a ṣe ń ka àwọn tó kú àti àwọn tó yè. Ṣùgbọ́n digirí yẹn nìkan kò fún un láṣẹ láti gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Àwọn wolé-wolé ní àjọ tiwọn tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ní tiwọn. Ẹni tó ka ìlera àwùjọ nìkan dúró láàárín méjèèjì, kò bá ibì kankan tan.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ jíìpù yẹn wò, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀rí tí ọkùnrin yìí ní. Ta ló ra jíìpù? Ta ló ń san owó ẹ̀rọ amúlétutù? Owó ìjọba Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí Ààrẹ Trump gorí àlééfà lẹ́ẹ̀kejì, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ná. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, àjọ USAID ti kógbá wọlé. Mínísítà ètò ìlera wa nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pate, sọ fún gbogbo ayé pé òṣìṣẹ́ ìlera bíi 28,000 ni owó Amẹ́ríkà ń san owó oṣù wọn ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ìbúwọ́lùwé kan láti ìlú òyìnbó ló gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Nínú wọn, ẹni tó ní ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì níbi tó lè padà sí: ilé ìwòsàn ìjọba, ti aládàáni, tàbí ti ìjọ. Kí ni ti ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìlera àwùjọ nìkan ló mú dání? Ọkùnrin tó ń polówó jíìpù kò dáhùn ìbéèrè yìí rí, kò sì ní ìdáhùn sí i. Ọ́fíìsì tí ẹlòmíràn lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo tì pa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ iwájú ọmọ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tó sọ yẹn ló sì bí mi nínú jù, nítorí àìmọ̀kan ló gbé e jáde. Nọ́ọ̀sì tó gbé ìgbẹ́ aláìsàn ń wò ó ni. Bó bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ikùn onítọ̀hún, ó sì ń pe dókítà kó tó di pé aláìsàn dákú. Ó ń wọn ìtọ̀ tó wà nínú àpò. Bó bá ń dínkù ní wákàtí sí wákàtí, ó mọ̀ pé ara ń gbẹ tàbí pé kíndìnrín ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ojú tó ń rí èyí ni Lọ́ńdọ̀nù àti Hóúsítìn ń sanwó fún. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ́yà níwájú ọmọ ilé-ìwé ti ṣi ọmọ náà lọ́nà.

Ká mú ọmọbìnrin kan láti Ìlútitun tó fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ká tẹ̀ lé e dé ọ̀hún. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀nà rẹ̀ hàn kedere. Á kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Á ṣe ti orí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè ìṣirò oògùn 15 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ìbéèrè 100 lórí iṣẹ́. Tó bá dé ọ̀hún, á ṣe ìdánwò ìfọwọ́ṣe tó ní ibùdó mẹ́wàá. Níbẹ̀, bó bá gbàgbé láti bi aláìsàn lórúkọ kó tó fún un lóògùn, ó lè fìdí rẹmi nítorí ìyẹn nìkan. Bó bá jẹ́ agbẹ̀bí, ìlànà ìdánwò wà fún un náà, ṣùgbọ́n ìwé tí orúkọ rẹ̀ máa wọ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ agbẹ̀bí nìkan ló lè ṣe, kò lè kọjá sí wọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ ìlera àwùjọ ló kà, kò sí irú ìdánwò tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tí òfin mọ̀. Fúnra rẹ̀ ni yóò wá agbanisíṣẹ́ tó máa gbà á, tó sì máa ṣonígbọ̀wọ́ físà rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ onílé tó kàwé bíi tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ náà tún gbilẹ̀ sí i. Òfin iṣẹ́ wọn ya nọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, pé kò pọn dandan kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ wá ọmọ onílẹ̀ tì kó tó lè gba àjèjì. Kò sí irú ààyè yìí fún ẹni tó ka ìlera àwùjọ. Ní ti agbẹ̀bí, lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, ẹni tí ilé ìwòsàn ń pè ní agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó tún gba digirí kejì. Bí wọ́n bá sì ń yẹ ìwé nọ́ọ̀sì àjèjì wò, ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n ń wá: ìtọ́jú àgbà, ìtọ́jú aboyún àti ìkókó, ìtọ́jú ọmọdé, àti ìtọ́jú alárùn ọpọlọ. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí nìkan ní ọdún mẹ́ta máa ń kùnà níbí, nítorí ẹ̀ka kan ló kún fọ́fọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn alátakò mi á ní, ‘Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ òkè òkun, ṣé o rántí Abíyè?’ Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ní 2009 ni ìjọba Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aboyún náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọpa aboyún délé, tí wọ́n sì fún aboyún ní fóònù, ṣe gudugudu méje. Wọ́n á ní ìlera àwùjọ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dókítà ni Mímikò kó tó di gómìnà, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí aboyún bá dé ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí àti dókítà ló ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Ní ọdún yẹn kan náà, lóṣù Kejìlá, ìjọba àpapọ̀ dá ètò sílẹ̀ láti kó agbẹ̀bí lọ sí àwọn ibùdó ìlera abúlé, agbẹ̀bí mẹ́rin sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ikú ìyá ọlọ́mọ dójú ẹ̀, ẹ rí ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Àmọ́ iṣẹ́ àdéhùn ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba tí kò lópin. Agbẹ̀bí tó tún jẹ́ nọ́ọ̀sì lè kọjá sí wọ́ọ̀dù mìíràn bí àdéhùn bá parí. Ẹni tó jẹ́ agbẹ̀bí nìkan, ibi tó lè gbà kéré.

Ohun kan tún wà tí n kò lè dákẹ́ lé lórí. Àwọn kan ń kó ọmọbìnrin jọ ní ẹ̀yìn ilé ìwòsàn aládàáni, wọ́n ń wọ aṣọ funfun fún wọn, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí, wọ́n sì ń pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì láìsí ìwé-àṣẹ kankan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọkùnrin tó ń polówó jíìpù yẹn rí tó fi ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe nọ́ọ̀sì. Èké ni. Òbí tó bá san owó ibẹ̀ kò ra iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Àtakò kan ṣoṣo ló wúwo: pé ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì pàápàá ń tì. Òtítọ́ wà ńbẹ̀. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí àwọn olówó máa wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àjọ nọ́ọ̀sì wa pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó tó lè ní kí wọ́n jẹ́rìí ìwé òun fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. Nílé, owó kò tó, wọ́n sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù Keje 2025. Àmọ́ àtòjọ 2023 yẹn kò dí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wáṣẹ́ lọ́nà. Ọdún méjì yẹn náà, ọdún tí èèyàn ń gba owó oṣù tó sì ń kọ́ iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò ní ìwé-àṣẹ kankan, kò sí òfin tuntun tó lè mú kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo gbà. Nọ́ọ̀sì lè padà lọ kọ́ ìlera àwùjọ lọ́dún kan tàbí méjì, kó sì di ọ̀gá níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ka ìlera àwùjọ tó wá fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Igbótako àti Òde-Àye, kí ẹ tó san owó kankan, ẹ bèèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ilé-ìwé: àjọ wo ló máa kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé tó bá ṣetán? Bí wọn kò bá lè dárúkọ àjọ náà, ẹ gba owó yín padà, kí ẹ kọ nọ́ọ̀sì sínú fọ́ọ̀mù.