Ẹ Má Rẹ́ńdà Sínú MP4 Níbi Tí Iná Kò Ti Dúró

Agogo mọ́kànlá alẹ́ ń lọ lù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ní Igbókọ̀dá, ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jí wa lójú oorun; ìgbà tí ó bá dákẹ́ lójijì la máa ń ta jí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo wo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ti dúdú. Láti agogo méje àárọ̀ ni ó ti ń rẹ́ńdà kátúùnù kékeré kan nípa Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí omi òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún gbáko. Nígbà tí mo rí epo rà lọ́jọ́ kejì, fáìlì náà ṣì wà níbi tí mo fi í sí, ó sì tóbi dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo fi gbìyànjú láti ṣí i ló kọ̀ ọ́.

Mo kọ́kọ́ bú iná. Iná sì tọ́ sí èébú, nítorí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní gúúsù Oǹdó ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo ní kí Blender kó gbogbo iṣẹ́ sínú MP4 kan ṣoṣo. Nínú fáìlì MP4, àtòkọ kan wà tí ó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà àti bí wọ́n ṣe máa tú u. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí pátápátá ni àtòkọ yìí sábà máa ń wọlé. Bí iná bá lọ ṣáájú ìgbà náà, àwòrán 240 lè wà nínú fáìlì, kí ó má sì sí ohun tí yóò júwe ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ mi yẹn. Fíìmù náà jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn àwòrán 720. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà mi ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 48. Ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 48 láìdákẹ́? Ṣùgbọ́n bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí fáìlì tirẹ̀, mo lè tan iná láti agogo méje sí mọ́kànlá lálaalẹ́, kí n rí àwòrán 60 kó sílẹ̀, kí iṣẹ́ sì parí lóru kejìlá. Bí iná bá já láàárín, ohun tí mo pàdánù kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, bóyá mẹ́jọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ òkèèrè náà ń pín iṣẹ́ wọn ní ẹyọ-ẹyọ báyìí, bẹ́ẹ̀ iná wọn kì í lọ.

Nínú Blender, ẹ lọ sí ojú Output, kí ẹ yí irú fáìlì kúrò ní fídíò sí PNG. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí àwòrán máa wà, ẹ kọ `//aworan/f_####`. Ìlà méjì àkọ́kọ́ yẹn túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì iṣẹ́ yín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà pamọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí Overwrite. Bí àmì bá wà níbẹ̀, bí Blender sì ṣe máa ń wá nìyẹn, ẹ̀rọ yóò padà sí àwòrán kìíní ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa pa iṣẹ́ àná rẹ́. Bí kò bá sí àmì, yóò wo inú fódà, yóò fo èyí tó ti wà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí àyè ti ṣófo. Ẹ tún fi iṣẹ́ pamọ́, kí ẹ pa ojú Blender dé, kí ẹ sì fi àṣẹ yìí rán an níṣẹ́:

```
blender -b etikun.blend -a
```

Lóru ọjọ́ kejì àti ìkẹta, àṣẹ kan náà ni. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ máa há sórí.

Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Overwrite tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní ká fi àmì sí: Placeholders. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ àpótí yìí ni pé kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán kan, yóò ti fi fáìlì òfìfo dí àyè rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú fódà kan náà má baà tún un ṣe. Ó dára fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà méjì. Fún ẹni tó ní ẹyọ kan, bí iná bá já, òfìfo yẹn yóò jókòó síbẹ̀, Blender yóò sì fò ó lọ́la bí ẹni pé ó ti parí. Ẹ fi sílẹ̀ láìní àmì.

Bó ti wù kó rí, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iná já, ẹ ṣí fódà, kí ẹ to fáìlì bí wọ́n ṣe tóbi sí. Bí àwọn yòókù bá wà ní nǹkan bíi 3 MB, tí ẹ wá rí ọ̀kan tó jẹ́ 0 tàbí tó kéré jù wọ́n lọ gan-an, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ pa á rẹ́. Èmi máa ń pa méjì tó dé kẹ́yìn rẹ́ láìbéèrè, nítorí kọ̀ǹpútà lè ní òun ti kọ fáìlì tán nígbà tí kò tíì dé orí dísìkì. Bí ẹ bá sì yí iná tàbí àwọ̀ inú iṣẹ́ padà láàárín, ẹ lo fódà tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fíìmù yóò yí àwọ̀ lójijì lójú àwọn òǹwòran.

Omi ni kò gba ẹ̀tàn. Omi tí Blender ń fi Fluid ṣírò gbọ́dọ̀ ti wà lórí dísìkì kí rẹ́ńdà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tó ní kí ó ṣírò rẹ̀, ẹ fi àmì sí Is Resumable lábẹ́ Cache, kí ìṣírò náà lè máa bá iṣẹ́ lọ bí iná bá já. Yóò gba àyè sí i lórí dísìkì. Àwòrán ẹyọ kan tó ń gba wákàtí mẹ́fà ni ọ̀nà yìí kò ràn lọ́wọ́, nítorí kò sí ibi ìdúró láàárín rẹ̀. Ẹ dín iye Samples rẹ̀ kù kí ó lè parí kí epo tó tán.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀:

```
ffmpeg -framerate 24 -i aworan/f_%04d.png -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p etikun.mp4
```

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fídíò ìnáwó nítòsí ọjà wa gba ọ̀nà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó sáré wá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ ní òun ti parí, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá péré ni fíìmù mi!"

"Àwòrán mélòó ló wà nínú fódà?"

Ó kà wọ́n: 719. Mọ́kànlá lọ́nà 24 jẹ́ 264, torí náà a wo 265. Kò sí níbẹ̀. Ó ti pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́, ó sì gbàgbé láti tún rán Blender níṣẹ́. Ffmpeg dé ibi tí nọ́ńbà já, ó dúró. Ọmọkùnrin náà tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Blender fo 719, ó ṣe ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, a tún fi ffmpeg so wọ́n pọ̀, kí epo inú táǹkì tó tán fíìmù ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá.