Ìdí Tó Ṣeé Sọ Lójú Gbogbo Ènìyàn

Yàrá kì í ṣófo pẹ́ ní Atakpamé. Ojú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí Sokodé ni ìlú náà wà, oríṣiríṣi ènìyàn ló sì ń wá ibùgbé síbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn ńlá, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú, ìyá oníṣòwò tó ń kó àgbàdo. Bí ènìyàn márùn-ún bá wá béèrè yàrá kan, ẹnì kan ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí: kí ni onílé yóò sọ fún wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Atakpamé ju bó ṣe wúwo níbòmíì lọ. Àwọn Ifẹ̀ tí à ń pè ní Aná, tí wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, ń gbé pọ̀ pẹ̀lú Ẹwẹ, Kabiyè, Kotokoli àti Haúsá. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ oṣù kẹrin ọdún 2005, Atakpamé wà lára àwọn ìlú tí ìjà ti le jù ní Tógò. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò lórílẹ̀-èdè náà lọ sí Benin àti Ghana. Nínú ìlú tó ti rí irú èyí, bí onílé bá kàn ní “kò sí àyè” láìsọ ìdí, ẹni tí wọ́n kọ̀ yóò fi ìdí tirẹ̀ dí àlàfo náà: ẹ̀yà mi ni wọ́n wò, ẹ̀sìn mi ni wọn kò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìpìlẹ̀ Tógò ti ọdún 1992, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní ọdún 2024, ti sọ ọ́ ní ìpín 11 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ àǹfààní tàbí kó pàdánù nítorí ìdílé, ẹ̀yà, agbègbè, ipò, ìṣèlú tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.

Àwa Yorùbá náà ti jẹ nínú ìyà yìí lókè òkun. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì kan nípa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń wá yàrá ní ìlú òyìnbó, tí obìnrin onílé sì ń bi í lórí fóònù bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Ọdún 1968 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kí onílé tó sọ pé òun kò gbà rárá, ìbéèrè rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀. Onílé tó bá béèrè pé “Ọmọ ibo ni ẹ́?”, “Ṣé o ti lọ́kọ?”, “Mọ́ṣáláṣí ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì?” kò ní rí ìdí kankan sọ lẹ́yìn náà tí wọn yóò gbà gbọ́, kódà bí ìdí náà bá jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kanlẹ̀kùn ni kí onílé ti kọ ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Agbonou ṣe àpẹẹrẹ: yàrá kan àti pálọ̀, 20,000 sẹ́fà lóṣù, owó oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ènìyàn mẹ́ta ni kí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ìdílé mẹ́rin ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti rí fún àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ pé ni yóò gbà á. Kí onílé fi ìwé kan náà han gbogbo ẹni tó bá wá, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí oníkálukú dé sínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé n kò ní kí ẹ béèrè ìwé owó oṣù. Ó dà bí ohun tó tọ́, àmọ́ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ní in. Ìyá oníṣòwò tó ń san owó ilé rẹ̀ déédéé kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlànà yìí yóò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn láìdárúkọ rẹ̀. Ohun tí onílé ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni náà ń san gbèsè. Rìsíìtì oṣù mẹ́fà láti ọ̀dọ̀ onílé àtijọ́, tàbí ẹ̀rí owó tó ń gba orí fóònù wọlé, yóò fi èyí hàn fún olùkọ́ àti oníṣòwò bákan náà.

Ó yá, àwọn ènìyàn dé. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ́kùnrin alájórin wá. Ó fẹ́ máa jó irin lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá Haúsá kan láti Sọ́ńgò wá pẹ̀lú ọmọ méjì, owó rẹ̀ pé, rìsíìtì rẹ̀ pé. Lọ́jọ́rú, tísà Kabiyè kan dé, tirẹ̀ náà pé. Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n onílé fúnra rẹ̀ yọ. Ìyá náà ló ni yàrá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ni ìdánwò: bí wọ́n bá yẹ ìlànà nítorí rẹ̀, tísà àti ìyá yẹn yóò mọ̀ pé ìwé lásán ni wọ́n fi hàn wọ́n.

Kí onílé fún àwọn tí kò rí yàrá gbà lésì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí wọ́n má baà sọ ibòmíì nù. Kí ó sọ ìdí kan ṣoṣo, kí ìdí náà jẹ́ ti ilé, kì í ṣe ti ènìyàn. Fún tísà: “Tísà, ẹ kú ìrìn àná. Ẹnì kan ti mú gbogbo ohun tí a béèrè pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ tó dé, òun la fún ní yàrá náà. Tiyín náà pé. Bí òmíràn bá ṣófo, ṣé kí n pè yín?” Fún alájórin: “Àbúrò, a kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, ó wà nínú ìwé tí mo fi hàn ọ́. Bí o bá rí ṣọ́ọ̀bù níta, tí o sì fẹ́ yàrá fún oorun nìkan, padà wá nígbà tí àyè bá yọ.” Kò sí “ẹ̀yin alájórin lariwo yín pọ̀,” kò sì sí àlàyé gígùn. Àlàyé tó bá ti gùn jù ló máa ń bí ìdí kejì, ìdí kejì yìí ló sì ń mú kí wọ́n ṣiyèméjì sí èkíní.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni irọ́ kékeré: “Wọ́n ti gbà á.” Lọ́jọ́ kẹta, ẹni náà kọjá, ó rí i pé pákó ìkéde ṣì wà lára ògiri. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Alárinà náà tún wà níbẹ̀. Bí onílé bá ní owó kò pé, tí alárinà wá ń sọ lójú ọ̀nà pé “bàbá ò fẹ́ àwọn ará òkè,” ọ̀rọ̀ alárinà ni wọn yóò gbà gbọ́. Kí onílé fún un ní ìdí náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, kí ó sì pàṣẹ fún un pé kó má fi nǹkan kan kún un. Bí ẹni tí a kọ̀ bá sì ti san owó kankan sílẹ̀ lórí yàrá náà, kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí wọ́n fún un lésì.

Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan yóò ní ilé àwọn ni, ẹni tó wu àwọn ni àwọn yóò fi sí i. Owó wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdí tó tọ́ kò ṣòro láti sọ síta: owó, iye ènìyàn, iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe nínú ọgbà, ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bí ìdí tó wà lọ́kàn rẹ bá jẹ́ èyí tí o kò lè sọ lójú ẹni náà àti lójú àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo nǹkan tó wà nínú ìwé rẹ sì pé lọ́wọ́ rẹ̀, gba owó rẹ̀, kọ rìsíìtì, kí o sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.